Ìṣẹ́jú 45 Kì í Ṣe Póìntì 45

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ń bu owó jẹ nínú àpò àwa òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún ní wákàtí wákàtí, ó sì ń bù ú díẹ̀díẹ̀ débi pé ẹni tí wọ́n ń bù jẹ kì í fura.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan mú káàdì aago rẹ̀ àti ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ó ní òun ti ka wákàtí tí òun fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, owó tí wọ́n san fún òun kò sì bá a mu. Ó ti bi fọ́mánù, fọ́mánù ní kó lọ bi akọ̀wé owó. Akọ̀wé owó tún un ṣe lójú rẹ̀, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìṣirò, iye kan náà ló sì jáde. Ó wá sọ fún un pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Òótọ́ ni akọ̀wé yẹn sọ, ẹ̀rọ kò purọ́. Ohun tí wọ́n fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni kò tọ́. Nígbà tí káàdì sọ pé ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́ wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45, akọ̀wé tẹ 8.45. Ohun tó yẹ kí ó tẹ ni 8.75.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ẹ̀yin àgbà inú wa ni ẹ ó tètè lóye rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ náwó ayé àtijọ́. Kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ṣílè 20 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, kọ́bọ̀ 12 ló sì wà nínú ṣílè kan. Tọ́rọ́ ni kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì sì ni kọ́bọ̀ mẹ́fà. Bí ẹnìkan bá jẹ yín ní ṣílè márùn-ún àti sísì, kò sí ọmọdé kan lọ́jà tí kò mọ̀ pé ṣílè márùn-ún àbọ̀ ni. Bí a bá fẹ́ fi póìntì kọ ọ́, ṣílè 5.5 ni a ó kọ. Ẹni tó bá rí kọ́bọ̀ mẹ́fà tó sì kọ 5.6, ó ti ṣe bí ẹni pé kọ́bọ̀ mẹ́wàá ló wà nínú ṣílè. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọ́rọ́ jẹ́ ìdá mẹ́rin ṣílè, tí a ó kọ ní 0.25, kì í ṣe 0.3.

Nígbà tí náírà dé, wọ́n yí owó padà sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún: 100 kọ́bọ̀ ni náírà kan. Láti ìgbà náà, ohun tó wà lẹ́yìn póìntì nínú owó ni iye kọ́bọ̀ gan-an. ₦5.45 ni náírà márùn-ún àti 45 kọ́bọ̀. Ojú wa ti mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò yí aago padà. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú wákàtí kan, ọ̀dọ̀ àwọn ará Bábílónì àtijọ́ tí wọ́n máa ń fi ọgọ́ta kà ni ìṣirò ọgọ́ta yìí ti wá, òun náà ló sì wà níbẹ̀ lónìí. Àwọn ará Faransé gbìyànjú láti yí i padà ní 1793: wọ́n ní kí ọjọ́ kan ní wákàtí 10, kí wákàtí kan ní ìṣẹ́jú 100. Kò bá wọn lára mu, wọ́n sì pa á tì ní 1795. Nítorí náà, owó wa ń rìn ní ọgọ́rùn-ún, aago wa ń rìn ní ọgọ́ta. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ìyẹn lórí ìwé owó iṣẹ́, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Bí a ṣe ń yí ìṣẹ́jú sí wákàtí oní-póìntì kò le rárá. Ẹ pín iye ìṣẹ́jú náà sí ọ̀nà 60. Ìṣẹ́jú 45, tí a pín sí ọ̀nà 60, jẹ́ 0.75. Wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45 wá di 8.75. Gbogbo rẹ̀ kò jù báyìí lọ. Wákàtí kò yí padà, ìṣẹ́jú nìkan ni a ń pín.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ lè fi orí ṣe é. Ìṣẹ́jú 6 ni ìdá mẹ́wàá wákàtí, tí a ń kọ ní 0.1. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà tó wà nínú ìṣẹ́jú tí ẹ ní, iye yẹn ni yóò tẹ̀lé póìntì. Nínú ìṣẹ́jú 42, mẹ́fà wà níbẹ̀ lọ́nà méje, nítorí náà 0.7 ni. Nínú ìṣẹ́jú 18, mẹ́fà wà níbẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, 0.3 ni. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá ṣẹ́kù, ẹ fi 0.05 kún un: ìṣẹ́jú 45 jẹ́ mẹ́fà lọ́nà méje, ó ku mẹ́ta, 0.7 àti 0.05 sì jẹ́ 0.75. Àwọn tí a máa ń bá pàdé jù lórí káàdì ni ìwọ̀nyí, ẹ gé e, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ ti lè máa rí i:

Ìṣẹ́jú 6 = 0.10
Ìṣẹ́jú 10 = 0.167
Ìṣẹ́jú 15 = 0.25
Ìṣẹ́jú 20 = 0.333
Ìṣẹ́jú 30 = 0.50
Ìṣẹ́jú 40 = 0.667
Ìṣẹ́jú 45 = 0.75
Ìṣẹ́jú 50 = 0.833
Ìṣẹ́jú 54 = 0.90

Bí ẹ bá fẹ́ padà láti póìntì sí ìṣẹ́jú, ẹ fi 60 sọ ohun tó wà lẹ́yìn póìntì di púpọ̀. 0.75 lọ́nà 60 jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Ṣùgbọ́n 0.45 lọ́nà 60 jẹ́ ìṣẹ́jú 27 péré. Ẹ rí i báyìí: nígbà tí akọ̀wé tẹ 8.45 fún ọmọ ẹgbẹ́ wa, wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 27 ni ó san owó rẹ̀. Ìṣẹ́jú 18 ti lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kan wà láti mọ iye tó ń sọnù láìjẹ́ pé a tún ìṣirò náà ṣe. Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún tí wọ́n bá kọ lọ́nà yìí, ìṣẹ́jú méjì ń sọnù, mẹ́ta péré ni a ń gba owó rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 tí wọ́n kọ ní .05 ti di ìṣẹ́jú 3. Ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n kọ ní .30 ti di 18. Ìṣẹ́jú 50 tí wọ́n kọ ní .50 ti di 30. Wákàtí tó bá pé láìní ìṣẹ́jú lórí kò ní àṣìṣe kankan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò fi ń rí i: lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe wákàtí 8 géérégé, owó yóò pé.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ọ̀sẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa yẹn látòkèdélẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àkókò ìsinmi kúrò, ohun tó wà lórí káàdì rẹ̀ nìyí:

Ọjọ́ Ajé: wákàtí 8, ìṣẹ́jú 45
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: wákàtí 8, ìṣẹ́jú 50
Ọjọ́rú: wákàtí 9, ìṣẹ́jú 35
Ọjọ́bọ̀: wákàtí 8, ìṣẹ́jú 40
Ọjọ́ Ẹtì: wákàtí 9, ìṣẹ́jú 55
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: wákàtí 6, ìṣẹ́jú 45

Ẹ ka wákàtí lọ́tọ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú lọ́tọ̀. Wákàtí jẹ́ 48. Ìṣẹ́jú jẹ́ 270. Ẹ pín 270 sí ọ̀nà 60, ó jẹ́ 4.5. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ wákàtí 52.5, ìyẹn wákàtí 52 àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé owó tẹ 8.45, ó fi 8.50 kún un, ó fi 9.35 kún un, bẹ́ẹ̀ títí dé 6.45, ẹ̀rọ sì sọ fún un pé 50.70. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 52.50 àti 50.70 jẹ́ 1.80, èyí tó jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 48. Ẹ fi òfin ìṣẹ́jú méjì nínú márùn-ún yẹn yẹ̀ ẹ́ wò: nínú ìṣẹ́jú 270, ìṣẹ́jú 108 ló sọnù, 108 sì ni wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 48. Ó bára mu.

Ẹ jẹ́ kí á fi ₦600 ní wákàtí kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹnìkan lè sọ pé wákàtí 1.80 lọ́nà ₦600 jẹ́ ₦1,080, pé ohun tó sọnù nìyẹn. Rárá o, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Iṣẹ́ ti 1974, ní abala 13, sọ pé wákàtí iṣẹ́ ni èyí tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ bá fẹnu kò lé lórí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá àwọn aláṣẹ ṣàdéhùn rẹ̀, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ bá là kalẹ̀, ó sì sọ pé ohunkóhun tó bá lé lórí rẹ̀ jẹ́ ófátáìmù. Òfin náà kò dá iye tí a ó san fún ófátáìmù, inú ìwé àdéhùn ni ìyẹn ń wà. Ká ní ìwé àdéhùn sọ pé wákàtí 40 ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, pé èyí tó bá lé sì gbọ́dọ̀ gba owó kan àbọ̀, ìyẹn ₦900 ní wákàtí kan. Wákàtí 40 àkọ́kọ́ á pé lábẹ́ ìṣirò tó tọ́ àti lábẹ́ èyí tí kò tọ́: ₦24,000 ni. Orí ófátáìmù ni gbogbo àdánù náà já lé. Lọ́nà tó tọ́, ófátáìmù rẹ̀ jẹ́ wákàtí 12.5, owó rẹ̀ jẹ́ ₦11,250. Lọ́nà tí akọ̀wé gbà, ó jẹ́ wákàtí 10.7, owó rẹ̀ jẹ́ ₦9,630. Àdánù ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ₦1,620. Lọ́sẹ̀ mẹ́rin, bí gbogbo ọ̀sẹ̀ bá rí báyìí, ó jẹ́ ₦6,480.

Èyí ni ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú. Ìṣẹ́jú tí wọ́n gé kì í ṣe ìṣẹ́jú kan ṣáá, orí ni wọ́n ti ń gé e. Orí náà sì ni ibi tí owó gbé pọ̀ jù, níbi tí ó ti rẹ ara, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ọkọ̀ ilé ti wọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ṣífíìtì alẹ́. Fún yín, kíkà wákàtí látorí aago gan-an ni ìṣòro, kí a tó dé orí póìntì. Ká ní awakọ̀ kan gbé ọkọ̀ jáde ní 21:50, ó sì dá a padà ní 06:20 ọjọ́ kejì. Nítorí pé ó ré òru kọjá, ẹ fi 24 kún wákàtí ìdápadà: 06:20 di 30:20. Ẹ óò yọ 21:50 kúrò nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 kò tó láti yọ 50 nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ yá wákàtí kan. Wákàtí tí ẹ yá yìí, ìṣẹ́jú 60 ni ó jẹ́, kì í ṣe 100. Ó di wákàtí 29 àti ìṣẹ́jú 80. Ẹ yọ wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 50, ó ku wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 30. Ní póìntì, 8.5 ni.

Ẹni tó bá tẹ 30.20 tó sì yọ 21.50 lórí ẹ̀rọ yóò rí 8.70, nítorí pé 100 ni ẹ̀rọ yá, kì í ṣe 60. Ẹ kíyè sí i pé lọ́tẹ̀ yìí awakọ̀ ló jèrè: wọ́n fi wákàtí 0.20, ìṣẹ́jú 12, kún tirẹ̀. A kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Àṣìṣe ìyọkúrò lè gbè wá, nígbà tí ìṣẹ́jú ìwọlé bá pọ̀ ju ti ìjáde lọ. Àwọn kan nínú wa lè ní kí a pa ẹnu mọ́ níbẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí wa sì ṣe kedere. Ní ọjọ́ tí ẹni tó ń yẹ ìwé wò bá rí i, wọn yóò pe owó náà ní gbèsè, wọn yóò sì fẹ́ gbà á padà lẹ́ẹ̀kan náà. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹ̀ka wa bá lọ bá àwọn aláṣẹ pẹ̀lú káàdì ẹni tí wọ́n ré jẹ nìkan, tí a sì fi ti ẹni tó jèrè pamọ́, wọn yóò sọ pé arékérekè ni wá. Òṣùwọ̀n tí a fẹ́ kí wọ́n fi wọ̀n fún wa ni àwa náà gbọ́dọ̀ fi wọ̀n.

Báwo ni ẹni tí kò sí nínú ọ́fíìsì owó ṣe lè mọ̀ pé àṣìṣe yìí wà lórí ìwé tirẹ̀? Àmì kan wà tí kì í tanni. Ẹ kó ìwé owó iṣẹ́ bíi oṣù mẹ́ta jọ, kí ẹ wo nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́yìn póìntì ní ibi tí wọ́n kọ wákàtí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí. Bí ó bá jẹ́ wákàtí oní-póìntì tòótọ́ ni, ẹ ó máa rí .67, .75, .83, .92 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ó yẹ kí ó lè lọ títí dé .98. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó títí, tí nọ́ńbà yẹn kò kọjá .59 rí, a jẹ́ pé ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí wọ́n sì pè é ní póìntì. Ẹ wá fi owó wákàtí kan sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá bá owó tí wọ́n san mu, àṣìṣe náà ti wọ inú owó yín nìyẹn. Bí kò bá bá a mu, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n yí i padà dáadáa kí wọ́n tó san owó.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn ló jẹ́ òtítọ́. Arábìnrin kan wá bá wa pẹ̀lú ìbínú, ó ní òun ṣe wákàtí 7 àti ààbọ̀, àmọ́ wọ́n kọ 7.5 fún òun, pé wọ́n ti gé ìṣẹ́jú 25 nínú tòun. Ó rò pé 7.5 ni wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 5. A fi ìṣirò hàn án: 0.5 lọ́nà 60 jẹ́ 30, nítorí náà 7.5 ni wákàtí 7 àti ààbọ̀ gan-an. Ìwé rẹ̀ pé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti wá béèrè. Ó sàn kí a bára wa ṣe é ní ọ́fíìsì ẹ̀ka ju kí a lọ pariwo níwájú akọ̀wé owó lórí ohun tó tọ́, kí ẹnu wa má bàa gbẹ lọ́jọ́ tí ohun tí kò tọ́ bá dé.

Ohun kan tún kù, òun ni gígé ìdí nọ́ńbà. Ìṣẹ́jú 20 jẹ́ 0.333, mẹ́ta náà kì í tán. Ibì kan ni a ó ti dúró, ibi tí a bá sì dúró ní owó nínú. Ẹ tún padà sí ọ̀sẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Bí akọ̀wé bá yí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan padà dáadáa, tó sì fi nọ́ńbà méjì sílẹ̀ lẹ́yìn póìntì, yóò rí 8.75, 8.83, 9.58, 8.67, 9.92 àti 6.75. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 52.50. Ó pé. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀, tó sì gé ìyókù dànù, yóò rí 8.7, 8.8, 9.5, 8.6, 9.9 àti 6.7, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 52.2. Ìṣẹ́jú 18 ti lọ, ní ₦900 ó jẹ́ ₦270, ẹnikẹ́ni kò sì purọ́. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a má pín ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ rárá. Kí a kó gbogbo ìṣẹ́jú ọ̀sẹ̀ jọ, kí a pín in sí ọ̀nà 60 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí. Bí a bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí ìgégé lè ti kó jọ.

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti parí. Kò tíì parí. Ètò Excel kì í tọ́jú àkókò ní wákàtí, ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ìdá kan nínú ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá kọ 7:45 síbẹ̀, 0.3229 ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fi ₦600 sọ ọ́ di púpọ̀ yóò rí ₦193.75. Àṣìṣe yẹn hàn gbangba, ojú ẹsẹ̀ ni wọn yóò rí i. Èyí tó ń sá pamọ́ ni àròpọ̀: bí àkókò bá kọjá wákàtí 24, kọ̀ǹpútà lè fo ọjọ́ tó pé, kí ó máa fi ìyókù hàn. Wákàtí 52 àti ìṣẹ́jú 30 yóò jáde ní 4:30, àyàfi bí wọ́n bá sọ fún un pé kí ó lo [h]:mm. Bí káàdì ọjọ́ mẹ́fà bá wà ní B2 títí dé B7, ohun tí akọ̀wé yóò tẹ̀ láti rí wákàtí oní-póìntì ni èyí, kí ó sì jẹ́ kí àpótí náà wà bíi nọ́ńbà lásán, kì í ṣe àkókò:

```
=SUM(B2:B7)*24
```

Fún ọ̀sẹ̀ tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, 52.5 ni yóò jáde.

Kí wá ni à ń béèrè? Ohun mẹ́ta ni, kò sì sí èyí tó ń ná àwọn aláṣẹ ní kọ́bọ̀ àfikún. Àkọ́kọ́, kí ìwé owó iṣẹ́ máa fi àwọn méjèèjì hàn: wákàtí àti ìṣẹ́jú bí aago ṣe kà á, àti wákàtí oní-póìntì tí wọ́n fi san owó, kí olúkúlùkù lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Èkejì, kí wọ́n kó ìṣẹ́jú jọ kí wọ́n tó pín in, bí wọ́n bá sì fẹ́ gé nọ́ńbà, kí ibi tí wọ́n ó gé e dé wà nínú ìwé àdéhùn, kí ó má ṣe jẹ́ ohun tí akọ̀wé kan fi orí ara rẹ̀ pinnu. Ẹ̀kẹta, níbi tí a bá ti fi káàdì aago múlẹ̀ pé wọ́n ti ń kọ ìṣẹ́jú bíi póìntì, kí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe padà sẹ́yìn dé ibi tí káàdì bá wà, kí wọ́n san ìyàtọ̀ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, iṣẹ́ kan wà tí ẹlòmíràn kò lè bá wa ṣe. Ẹ ra ìwé kékeré, kí ẹ máa kọ àkókò ìwọlé, àkókò ìjáde àti àkókò ìsinmi sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ má dúró di òpin ọ̀sẹ̀. Òfin Iṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá yọ wákàtí kan fún ìsinmi nínú káàdì yín, ẹ rí i dájú pé ẹ sinmi wákàtí kan lóòótọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọ iye tí ẹ sinmi sílẹ̀. Ìwé kékeré yẹn ni yóò gbè yín lẹ́sẹ̀ bí káàdì bá sọnù.

Àwọn aṣojú wa ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ti ń kó káàdì àti ìwé owó jọ. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó mú un wá kí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ má gbàgbé, ìṣẹ́jú méjì nínú márùn-ún.